Kéèkì ínṣì 14 tó jóná létí tí àárín ẹ̀ ṣì ń ṣàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lórí kéèkì ọjọ́ ìbí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bóyá ẹni tó fẹ́ gba irú ọ́dà bẹ́ẹ̀ ò ní ṣe bí mo ṣe ṣe. Kéèkì kéékèèké ni mò ń ṣe nígbà yẹn, nínú ilé, lápá Tákíè, ínṣì 8 ló pọ̀ jù níbẹ̀, fún bọ́ọ̀sìdéè ọmọ iléèwé àti tàwọn ọmọ yunifásítì tó jẹ́ pé wọ́n á dáwó jọ títí kó tó pé, wọ́n á tún máa bẹ̀ mí lórí àísìn.

Rẹ́sìpì mi ò le rárá. Bọ́tà gíráàmù 250, ṣúgà 200, ẹyin 5, fúláwà 250, bákín páúdà ṣíbí tíì kan àtààbọ̀, mílíìkì díẹ̀, ariwo díẹ̀. Ìyẹn máa ń kún tíìnì ínṣì 8 dé ìdajì, á sì wú sókè. Ófùn mi á wà ní 170, tó bá ti tó ìṣẹ́jú 50 sí 55 ó ti jiná. Mo ti ṣe é débi pé mi ò kì í wo aago mọ́, òórùn ẹ̀ ni mo fi ń mọ̀.

Ni ìyá kan bá wá, màmá wọn fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, wọ́n ní àlejò á tó 250. Wọ́n fẹ́ kéèkì ìpele mẹ́ta, 14 nísàlẹ̀, 10 láàárín, 8 lókè, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì jẹ́ kéèkì méjì tí a gbé léra. Mo ní kò sí wàhálà mà. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o, orí mi ò tíì rò ó.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà ni ìṣirò. Mo wo 8, mo wo 14, mo ní 14 kò tiẹ̀ tó ìlọ́po méjì 8, torí náà tí n bá ṣe rẹ́sìpì mi lọ́nà méjì ó yẹ kó tó tíìnì 14 kan, kó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Mo pò ó, mo dà á sínú tíìnì, ó kàn tẹ́ sílẹ̀ bí ẹni da àkàrà sínú àwo ńlá, kò ju ìka kan lọ sókè. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo bá pe ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ní Owódé. Mo ní ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, báyìí báyìí ló ṣe rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé okùn lò ń wọ̀n ni? Kéèkì ò gùn nìkan, ó tún fẹ̀. Fi 14 sọ 14 di púpọ̀, fi 8 sọ 8 di púpọ̀, kó o wá pín wọn.” Mo ṣe é. 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. 196 pín sí 64, ó lé díẹ̀ ní 3. Áà! Ìlọ́po mẹ́ta ni tíìnì 14 ń gbà, kì í ṣe méjì. Ti 10 ńkọ́, 100 pín sí 64, ìyẹn kan àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Tí àwọn tíìnì bá ṣáà ti ga bákan náà, kò sí nǹkan míì tẹ́ ẹ máa ṣírò.

Nígbà tí mo wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, méjì méjì 14, 10 àti 8, ó jẹ́ ìlọ́po 11 àti díẹ̀. Bọ́tà kílò 2.8, fúláwà bẹ́ẹ̀ náà, ṣúgà kílò 2.25, ẹyin 56. Kíréètì méjì tán pátápátá, ku ẹyin 4. Mo lọ ra gbogbo ẹ̀ ní Ọjà Aràdà, inú mi dùn, mo rò pé ibi tó le ti kọjá.

Ibi tó le ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó, Sátidé ni òde. Míkísà mi nígbà yẹn, abọ́ ẹ̀ gba lítà 7. Mo ní tí n bá ń ṣe é díẹ̀ díẹ̀ ilẹ̀ á ṣú, ẹ jẹ́ kí n pò kéèkì 14 méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìlọ́po mẹ́fà, bọ́tà kílò kan àtààbọ̀, ṣúgà kílò kan lé ní 200. Mo da bọ́tà àti ṣúgà sí i, mo tàn án. Ẹ wò ó, lójú, ó gbà á. Abọ́ ò kún. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò rò ni pé bọ́tà tí wọ́n ń lù máa ń wú, torí atẹ́gùn tó ń wọnú ẹ̀ gan-an la ṣe ń lù ú, ẹyin 30 sì ń bọ̀ lórí ẹ̀, fúláwà kílò kan àtààbọ̀ tún ń bọ̀. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ á lé ní kílò 5 àtààbọ̀ nínú abọ́ lítà 7, ibo ni atẹ́gùn fẹ́ dúró sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Irin tó ń lù ú, àárín nìkan ló ń dé. Bọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gun ògiri abọ́ sókè, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ò mọ̀ pé wọ́n ń lu nǹkankan lókè. Mò ń lù ú lọ, mo lù ú tó ìṣẹ́jú 20, àárín ti funfun, ó ti rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ṣì pọ́n bí ìgbà tí mo yọ ọ́ nínú ike. Míkísà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òórùn wáyà tó ń jó ń jáde lára ẹ̀, mo fi ọwọ́ kàn án, mo yọwọ́ kíá. Ooru yẹn náà ò dúró lára míkísà o, lílù fúnra ẹ̀ ń mú bọ́tà gbóná, ẹ sì mọ̀ bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń rí lóṣù kẹta, inú ilé gan-an gbóná bí ìdí àdògán. Bọ́tà tó bá ti fẹ́ yọ́ kì í gba atẹ́gùn mọ́, ẹ lè lù ú di alẹ́, ńṣe ni á máa dán bí òróró.

Mo wá ń da ẹyin sí i. Torí pé ó pọ̀ mo ń yára, mẹ́rin mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Kò pẹ́ tó fi tú. Ẹ ti rí wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tí omi ń ya lára ẹ̀? Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bọ́tà ò lè gba omi ẹyin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pàápàá bọ́tà tó ti yọ́. Mo rò pé fúláwà á tún un ṣe. Mo da fúláwà sí i, mo sì jẹ́ kí míkísà ro ó, torí ọwọ́ mi ò lè ro iye yẹn, ó sì pẹ́ kí fúláwà tó wọlé dé ìsàlẹ̀, gbogbo ìgbà tó fi ń yí yẹn, ńṣe ni fúláwà ń di fífà. Èèyàn ń po kéèkì, ó di búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀.

Bákín páúdà náà, ìlọ́po mẹ́fà tí mo ṣe mo fi ṣe é, ṣíbí tíì 9. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Mo dà á sínú tíìnì 14 méjèèjì. Ófùn mi ò gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan wọlé, ìkejì dúró lórí tábìlì. Ní 170, bí mo ṣe máa ń ṣe é. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú 55, mo ṣí ófùn, àárín ẹ̀ wú sókè bí orí tó wú, ó ń gbọ̀n. Mo pa á dé. Ìṣẹ́jú 10, mo tún ṣí i. Ìṣẹ́jú 10, mo tún ṣí i. Nígbà kẹta tí mo ṣí i, àárín yẹn wọlẹ̀ lójú mi báyìí, fùùù, bí ẹni yọ atẹ́gùn táyà. Tó bá fi máa pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20, etí ẹ̀ ti dúdú, ó ti le bí pákó, mo ki ọ̀pá ìtayín bọ àárín, ó jáde pẹ̀lú omi. Ìkejì tó ti ń dúró lórí tábìlì fún wákàtí kan àtààbọ̀ kó tó wọ ófùn, ìyẹn ò tiẹ̀ wú rárá. Bákín páúdà ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí omi ti kàn án, ó ti lo púpọ̀ nínú agbára ẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí mo gé e, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní ìlà kan tó dì, ó ń fà, bọ́tà tí kò pò mọ́ nǹkankan sì ń dán níbì kan níbì kan.

Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mo sunkún díẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi àísìn bò ó.” Mo wò ó. Àísìn bo etí tó jóná, ṣé ó máa bo àárín tó ń ṣàn ni?

Mo pe ọ̀gá mi padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Míkísà rẹ, iye rẹ́sìpì mélòó ló lè lù dáadáa lẹ́ẹ̀kan?” Mi ò mọ̀. Mi ò rò ó rí. Wọ́n ní ìyẹn ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó gba ọ́dà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n fi ojú wọ̀n ọ́n báyìí: tí gbogbo nǹkan bá ti wà nínú abọ́, tó fi mọ́ fúláwà, kò gbọdọ̀ ju ìdajì abọ́ lọ, tó bá pọ̀ jù kó ku díẹ̀ kó dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Fún abọ́ lítà 7 tèmi, ìyẹn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, bọ́tà gíráàmù 750. Ibẹ̀ ni kó dúró. Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ lítà 5, ìlọ́po méjì ni kó mọ.

Ẹ wá wo bí ó ṣe bọ́ sí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Kéèkì 14 kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn míkísà kan. 14 kejì, míkísà kejì. 10 méjèèjì pọ̀, ìlọ́po mẹ́ta ó lé díẹ̀, míkísà kẹta. 8 méjèèjì, ìlọ́po méjì, míkísà kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ohun tí mo rò pé á di ìdájí.

Fráídé, aago 5 ìdájí, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ ra ọjà míì lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, èrè mi ti wọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn.

Bọ́tà, mo kó o sínú fíríìjì mọ́jú, mo wá yọ ti míkísà àkọ́kọ́ síta fún ìgbà díẹ̀, títí tí n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á tẹ̀ wọlé ṣùgbọ́n kò ní dán, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ìka. Tó bá ti ń dán, ó ti rọ̀ jù. Mo lù ú pẹ̀lú ṣúgà, ìṣẹ́jú méjì méjì mo ń pa míkísà, mo ń fi ṣíbí ike gbo ẹ̀gbẹ́ abọ́ àti ìdí ẹ̀, mo tún ń tàn án. Míkísà náà ń rí ìsinmi díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú 10, gbogbo ẹ̀ ti funfun bákan náà, látòkè délẹ̀.

Ẹyin, mi ò kà á mọ́. Ẹyin inú kíréètì kan náà ò dọ́gba, tó bá jẹ́ márùn-ún èèyàn ò ní mọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di 15, tí wọ́n bá kéré, ó lè dín tó ẹyin méjì. Mo fọ́ ọ sínú abọ́, mo gbé e sórí síkéèlì, gíráàmù 750 fún bọ́tà gíráàmù 750, mo lù ú pọ̀ díẹ̀, mo wá ń dà á sórí bọ́tà díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń da omi sẹ́nu ọmọ, tí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti wọlé kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó ku díẹ̀ tó fẹ́ máa tú, mo bu fúláwà ṣíbí ńlá méjì sí i, ó padà sípò. Ẹyin tó tutù láti inú fíríìjì máa ń jẹ́ kó tú kíá o, ẹ gbé e síta tẹ́lẹ̀.

Fúláwà, mo pa míkísà. Mo da gbogbo ẹ̀ sínú báísìn ńlá kan, mo fi ọwọ́ yí fúláwà wọlé, ọwọ́ gan-an ni mo sọ yìí, mo fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ọwọ́ máa ń dé ìdí báísìn, ó sì máa ń mọ ibi tí fúláwà ṣì wà ní kúlúkúlú. Tí mi ò bá ti rí funfun fúláwà mọ́, mo yọwọ́, mi ò ro ó ní ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Ó kan bákín páúdà. Nǹkan tí mi ò mọ̀ rárá nìyí, pé bí tíìnì bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni bákín páúdà ṣe ń dín kù sí iye fúláwà. Ooru ò wọnú kéèkì tútù kíá, etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń rìn bọ̀ wá sáàárín. Nínú tíìnì 8 ọ̀nà yẹn ò jìn. Nínú 14, ínṣì 7 ló wà láti etí dé àárín, bákín páúdà á sì ti wú àárín sókè tán kí ẹyin àti fúláwà ibẹ̀ tó jiná tí wọ́n á fi lè dì í mú. Atẹ́gùn á jáde, òrùlé á wó. Ohun tí mo rí lọ́jọ́bọ̀ náà nìyẹn, ṣíṣí tí mo ń ṣí ófùn kàn fi kún un ni. Torí náà fún 14 kan, dípò ṣíbí mẹ́rin àtààbọ̀ tí ìṣirò sọ, mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo fi sí i. Fún 10 kọ̀ọ̀kan, ṣíbí méjì. 8 wà bó ṣe wà. Ariwo náà mi ò sọ ọ́ di púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń korò tó bá pọ̀, ẹ tọ́ ọ wò.

Mo wá ya tọ́wẹ̀lì àtijọ́ kan ní gígùn gígùn, mo rẹ ẹ́ sómi, mo fún un dáadáa, mo dì í mọ́ ara tíìnì láti ìta, mo fi pínnì mú un. Tọ́wẹ̀lì tútù yẹn ni kò ní jẹ́ kí etí sáré jiná ju àárín lọ. Ní àárín tíìnì, mo to ìṣó mẹ́ta tí àwọn tó ń ta èlò kéèkì ń tà, ìṣó olórí pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń ṣe òdòdó àísìn, mo fi bọ́tà pa á lára, mo dojú orí ẹ̀ délẹ̀, ẹnu ṣóńṣó ẹ̀ wà lókè, mo wá da kéèkì tútù lé e. Irin máa ń gba ooru ju kéèkì lọ, òun ló ń gbé ooru lọ sáàárín. Tẹ́ ẹ bá yí kéèkì dà, ẹ yọ ọ́ láti ìdí, ihò ẹ̀ ò ju ti abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ẹ ṣáà kà á bó ṣe wọlé o, kó jẹ́ iye kan náà ló jáde, kò dáa kí àgbàlagbà jẹ ìṣó lọ́jọ́ ìbí ẹ̀.

Ófùn, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí 150, mo jẹ́ kó gbóná fún bí ìṣẹ́jú 20 kí n tó gbé kéèkì sí i. Tíìnì ò gbọdọ̀ kan ara ófùn, ẹ jẹ́ kí àyè wà yí i ká kí ooru lè gòkè, torí náà 14 kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ṣí ófùn rárá títí tó fi pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Nígbà yẹn orí ẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń pọ́n, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ìka tẹ àárín, ibẹ̀ ṣì ń wọlẹ̀ tí kò padà wá. Mo pa á dé. Ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40, mo tẹ̀ ẹ́, ó ta padà, etí ẹ̀ ti ń yọ díẹ̀ kúrò lára tíìnì, mo ki ọ̀pá ìtayín bọ̀ ọ́ níbi mẹ́ta láàárín, ó jáde ní gbígbẹ. Mi ò lè sọ fún yín pé wákàtí kan àti 40 náà ni tiyín máa jẹ́, ófùn ò jọra, tèmi gan-an, ẹ̀yìn ẹ̀ gbóná ju iwájú lọ, mo ní láti yí tíìnì sẹ́yìn nígbà tí orí ẹ̀ ti dì. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé fúláwà ìlọ́po mẹ́ta kò gba àkókò ìlọ́po mẹ́ta, kò tiẹ̀ pé ìlọ́po méjì.

Míkísà kejì, mi ò fọwọ́ kan fúláwà ẹ̀ títí tí ti àkọ́kọ́ fi ku bí ìṣẹ́jú 15. Bọ́tà àti ṣúgà lè dúró díẹ̀ nínú abọ́, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Èyí tí fúláwà àti bákín páúdà ti wọ̀ ni kì í dúró. Kéèkì 10 méjèèjì wọ ófùn pọ̀, lórí irin òkè àti ìsàlẹ̀, ní 160, mo pààrọ̀ ipò wọn nígbà tó yá, ó gbà wọ́n ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20, torí pé wọ́n jẹ́ méjì, ooru tó yẹ kí ẹnì kan jẹ, àwọn méjì ló ń pín in. 8 ló kẹ́yìn, òun ò fún mi ní wàhálà, wákàtí kan ó lé díẹ̀ ó ti tán.

Wọ́n múná lọ lẹ́ẹ̀kan, ní míkísà kẹta, a tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ ò ní retí pé kí wọ́n má mú un lọ.

14 kì í jáde nínú tíìnì bí 8. Ẹ má yí i dà ní gbígbóná, á fọ́ sí méjì lọ́wọ́ yín nítorí ìwúwo ara ẹ̀. Mo jẹ́ kó wà nínú tíìnì fún ìṣẹ́jú 30, mo gbé pákó kéèkì dé e lórí, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi dì í mú lápá méjèèjì, a kà á, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, a yí i. Ó jáde wẹ́rẹ́. Ọmọ yẹn pariwo débi tí aládùúgbò fi yọjú.

Ní Sátidé wọ́n gé e ní gbọ̀ngàn. Mo dúró lẹ́yìn, mo ń wo ọ̀bẹ nìkan, mi ò tiẹ̀ gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ. Nígbà tí wọ́n gé 14 dé àárín tó jáde ní gbígbẹ, mo mí.

Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni ẹnì kan tó jẹ níbẹ̀ wá, ó ní ìgbéyàwó ni tòun, òun fẹ́ kéèkì 16 nísàlẹ̀. Mo lọ fi okùn wọn inú ófùn mi kí n tó dáhùn. Tíìnì 16 á wọlé, ṣùgbọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri méjèèjì, ooru ò ní rí ibi gbà kọjá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é ní onígun mẹ́rin. 8 onígun mẹ́rin, mẹ́rin, tí mo bá tò wọ́n pọ̀ méjì méjì, 16 ni wọ́n jẹ́, àísìn á bo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, á sì jiná bí 8. Onígun mẹ́rin kàn máa ń gbà ju róbótó lọ, nígbà tí mo ṣírò ẹ̀ bọ́tà ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí nǹkan bíi gíráàmù 320. Wọ́n ní ṣé kò ní jọ pé mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀? Mo ní ẹ wá wò ó lọ́jọ́ tí mo bá ń fi àísìn sí i. Wọ́n wá, wọ́n yí i po, wọn ò rí ojú ibẹ̀.